Ìṣó Tí Kò Kan Ògiri: Bí Ayálégbé Ṣe Lè Ṣe Fílátì Lọ́ṣọ̀ọ́ Láìjìjà Owó Kọ́ṣọ̀n

Bí ejẹ́ńtì bá fi ìwé àdéhùn ilé lé ayálégbé lọ́wọ́ ní Èkó, ibi tí wọ́n kọ owó sí lojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sáré lọ: owó ilé, owó àgírímẹ́ǹtì, kọ́míṣọ̀n, àti owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ lé e kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni kà wọ́n. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà lára ilé láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé, àti pé bó ṣe bá ilé ni kó ṣe fi í sílẹ̀. Lọ́yà mìíràn tilẹ̀ máa ń dárúkọ ìṣó níbẹ̀ gbangba.

Kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi í dé orí ìṣó ọ̀hún. Fọ́tò ìgbéyàwó ń wá ibi tí yóò gbé kọ́, aago wà nínú páálí, kọ́tìnì kò ní ọ̀pá, tẹlifíṣọ̀n dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Wọ́n á ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ó dé tòun ti ìṣó kọnkéré àti òòlù, ó lu ìkíní, ìṣó tẹ̀. Ó lu ìkejì, ẹ̀là ògiri kan tó tó ojú náírà onírin ṣí bọ́ sílẹ̀, ó sì fi ihò sílẹ̀. Káfíńtà á ní kò séwu, fọ́tò máa bò ó. Lóòótọ́, fọ́tò á bò ó títí di ọjọ́ tí ejẹ́ńtì yóò wọlé wá yẹ ilé wò.

Ohun tó fà á ni pé ògiri fílátì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Búlọ́ọ̀kù ló wà nínú lọ́hùn-ún. Sìmẹ́ǹtì àti yanrìn tí bíríkìlà fi rẹ́ ẹ ló bo búlọ́ọ̀kù, kì í sì í sábà nípọn ju ìdajì íǹṣì tàbí kó lé díẹ̀ lọ. Lórí ìyẹn ni sìkírídì wà, ìyẹ̀fun pí-ó-pí tí pẹ́ńtà pò mọ́ gọ́ọ̀mù, tó fi dán ògiri kó lè jọ̀lọ̀. Ọ̀dà ló wá kẹ́yìn. Ìṣó tí wọ́n bá fi òòlù lù máa ń mi gbogbo wọn pọ̀, èyí tí kò bá sì di ara rẹ̀ mú dáadáa nínú wọn ló máa kọ́kọ́ jábọ́. Bákan náà ni ti ohun tí a bá lẹ̀. Gọ́ọ̀mù kì í di búlọ́ọ̀kù mú. Ọ̀dà nìkan ló dì mú. Bí ọ̀dà kò bá lágbára, gọ́ọ̀mù tó lágbára jù ú lọ yóò ká a kúrò, yóò sì bá sìkírídì lọ.

Ìdí nìyí tí ọgbọ́n tó péye jù fún ayálégbé kò fi ju ọ̀kan lọ: kó jẹ́ pé igi tirẹ̀ ni yóò gba ìṣó, ilẹ̀ ni yóò sì gbé ẹrù, kí ògiri onílé máa wòran. Lẹ́yìn èyí ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ tépù àti gọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ ká fi pálọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó wà ní àjà kìíní ní Sùúrùlérè, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó gùn ní 14, àjà rẹ̀ sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Ọ̀dà funfun tó ti ń pọ́n ló wà lára rẹ̀. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ fẹ́ kí ògiri tó wà lẹ́yìn àga gígùn ní àwọ̀, wọ́n sì fẹ́ gbé fọ́tò mẹ́rin kọ́ síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ rò ni wọ́ọ̀lù pépà, pàápàá èyí tó rọ̀ bíi fóòmù tó ní àwòrán bíríkì, tí wọ́n ń bó ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó rọrùn láti lẹ̀, ó sì máa ń dára lójú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i lọ̀rọ̀ ń yí padà, nítorí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ni gọ́ọ̀mù wà. Ògiri tí ọ̀rinrin bá sì wà nínú rẹ̀ kò ní rí ibi mí mọ́. Nígbà tí òjò bá fi oṣù mélòó kan rọ̀, ẹ̀yìn pépà náà á dúdú bíi búrẹ́dì tó bu.

Ohun tó dára jù fún irú pálọ̀ yìí ni férémù onígi tó dá dúró, tí a fi aṣọ bò. Àdìrẹ bá a mu gan-an, ìwọ̀n rẹ̀ sì tún rọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ọ̀pá márùn-ún aṣọ, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, bí télọ̀ bá gé e sí méjì ọgbọọgba, tó sì rán an pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò di aṣọ ńlá kan tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7 ààbọ̀, tó sì gùn tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, bí ojú aṣọ náà bá jẹ́ íǹṣì 45. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń so àdìrẹ pọ̀ kó tó di ìró nìyẹn, kò sí ohun tuntun níbẹ̀.

Igi tó kù kò pọ̀. Igi tuu-bai-tuu mẹ́ta tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 ti tó. Káfíńtà á gé ẹsẹ̀ bàtà 8 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan méjì àkọ́kọ́. Àwọn ni òpó méjèèjì. Yóò la ìkẹta sí méjì, ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 6. Àwọn ni ìdábùú òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 4 tó ṣẹ́ kù lára òpó kọ̀ọ̀kan, yóò gé e sí méjì: apá kan á di ẹsẹ̀ tí férémù fi ń dúró, apá kejì á jẹ́ igi ìdáṣẹ̀ẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n ń kàn sí kọ̀rọ̀ òkè kí férémù má baà máa yẹ̀. Ìdábùú ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Kó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1 ààbọ̀ sí ilẹ̀, níbi tí ẹ̀yìn àga yóò ti bò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ta aṣọ sórí férémù, wọ́n á kó etí rẹ̀ sẹ́yìn igi, wọ́n á sì fi pín-ìn-nì wẹ́wẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, aṣọ á wọ́ sí i lọ́wọ́ kó tó dé igun kejì.

Ẹsẹ̀ férémù á bọ́ sábẹ́ àga gígùn, ìwúwo àga á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí igi bá ti súnmọ́ ògiri, kí wọ́n lẹ aṣọ àkísà tàbí fóòmù mọ́ ẹ̀yìn igi, kí ìka méjì sì lè gba àárín aṣọ àti ògiri kọjá. Kì í ṣe nítorí afẹ́fẹ́ nìkan. Àdìrẹ tuntun máa ń tú aró, tó bá sì ń fara ra ọ̀dà funfun, ògiri á gba aró sára, kò sì sí ọṣẹ tó máa mú un kúrò. Nítorí náà, kí wọ́n fọ aṣọ náà lọ́pọ̀ ìgbà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kó tó gun igi.

Fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ńkọ́? Ìdábùú òkè ni wọ́n á kan ìṣó kéékèèké mọ́, wọ́n á sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rọ fọ́tò sílẹ̀ síwájú aṣọ. Tí ọ̀kan bá wúwo, ìyẹn ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, nítorí àárín igi tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6 lè tẹ̀ wálẹ̀ tó bá yá. Lọ́jọ́ ìkójáde, férémù á jáde pẹ̀lú àga, ògiri á sì wà bó ṣe wà.

Ní ti kọ́tìnì, Èkó ti fi ohun kan sílẹ̀ fún ayálégbé tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Irin bọ́gúlárì tó wà ní fèrèsé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kàn mọ́ inú, onílé ló sì ni ihò tó wà lára rẹ̀. Ọ̀pá kọ́tìnì tó fúyẹ́ ṣeé dè mọ́ irin òkè pẹ̀lú okùn ọ̀rá tí àwọn oníná fi ń di wáyà, ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n sì gé ìrù okùn náà kúrò kó má fa aṣọ ya. Ẹnìkan kì í rí i mọ́ tí kọ́tìnì bá ti bò ó. Àmọ́ bí apá kan irin náà bá jẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí nígbà tí iná bá sọ, wọn ò gbọdọ̀ de ohunkóhun mọ́ ọn. Níbi tí kò bá sí irin, ọ̀pá onísípíríìngì wà tó máa ń fẹ ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé méjèèjì. Kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló lè gbé. Bí fèrèsé bá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, ọ̀pá á tẹ̀ láàárín, á sì já lulẹ̀ ní òru tí ẹnìkan ò rò ó.

Tẹlifíṣọ̀n ló máa ń ṣe ògiri níjàm̀bá jù. Ihò mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí wọ́n fi dírì lu fún irin tí wọ́n ń gbé e kọ́ kì í ṣe ohun tí ìyẹ̀fun sìkírídì ráńpẹ́ lè bò mọ́lẹ̀. Tábìlì tẹlifíṣọ̀n onídúróó ni ti ayálégbé. Ẹni tó bá sì ní ó di dandan kó gbé e kọ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ gba ìwé.

Tépù àti gọ́ọ̀mù wúlò fún ohun tí kò wúwo: kàlẹ́ńdà, fọ́tò tí férémù rẹ̀ jẹ́ páálí, wáyà iná ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bi ògiri léèrè. Kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Bí ìyẹ̀fun funfun bá ti lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọ̀dà olómi tí kò dára tàbí tó ti gbó ló wà níbẹ̀, kò sì sí tépù tó máa dúró lára rẹ̀. Kí wọ́n fi ìka kan ògiri ko-ko-ko káàkiri. Ibi tó bá dún bí ìgbá òfìfo, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ ògiri dé orúnkún. Bí ọ̀dà bá wú, tó sì ń yọ iyọ̀ funfun, omi ń gun òkè láti ìpìlẹ̀, ẹ̀bi onílé sì nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú tépù lásán tó gùn tó ìka ọwọ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó pamọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì já a. Bí ọ̀dà bá bá a wá, ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù ti parí nínú ilé yẹn.

Bí ògiri bá yege, tépù tó ní ìrù ni kí wọ́n rà, irú èyí tó ń fà bíi rọ́bà tí a bá fẹ́ yọ ọ́. Sípíríìtì ni wọ́n fi ń nu ibi tí yóò wà, kì í ṣe omi ọṣẹ, nítorí ọṣẹ máa ń fi ohun tó ń yọ̀ sílẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, wọ́n á dúró fún wákàtí kan kí wọ́n tó gbé nǹkan kọ́ ọ. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn gbọ́dọ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ohunkóhun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi í gbé férémù onígíláàsì sókè ibùsùn.

Níbi yíyọ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Ìrù tépù, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí, díẹ̀díẹ̀, kí ó máa bá ògiri lọ gbọọrọ. Ẹni tó bá fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká ọ̀dà kúrò ni. Èyí tí kò ní ìrù, tépù fóòmù olójú méjì tí wọ́n ń tà nínú gosíló, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun yá a lára, wọ́n á wá fi okùn ìpẹja tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sára ògiri, ìka ni wọ́n fi ń yí i kúrò. Ọ̀bẹ kò yẹ ibẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi ìtáàṣì lẹ aṣọ mọ́ ògiri, wọ́n ní omi lásán ló máa ṣí i. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, ìtáàṣì lára ògiri jẹ́ oúnjẹ aáyán, omi tí wọ́n sì fẹ́ fi ṣí i lè tú ọ̀dà olómi pẹ̀lú. Kò tọ́ sí ilé tí kì í ṣe tẹni.

Ilẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Kí kápẹ́ẹ̀tì wà lórí táìsì láìsí gọ́ọ̀mù, kí wọ́n sì máa ká a sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ ilé, nítorí omi tó ń gun òkè á há sábẹ́ rẹ̀. Gílóòbù àti ìborí rẹ̀ tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n dì í sínú páálí, kí wọ́n sì kọ yàrá tó ti wá sí i lára. Kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan wáyà inú ògiri.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ìwé. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní kí ayálégbé tọ́jú ilé, ṣùgbọ́n kò di ẹ̀bi gbígbó tó máa ń bá ilé látàrí lílò lásán rù ú. Ó ní kò gbọdọ̀ ṣe àyípadà tàbí àfikún láìsí àṣẹ onílé lórí ìwé. Apá kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ayálégbé kò gbọ́ rí: bí onílé bá ti fi ọwọ́ sí i lórí ìwé ṣáájú, tí ayálégbé fi owó ara rẹ̀ tún ilé náà ṣe dára sí i, tí onílé sì wá ní kó jáde, ayálégbé lè béèrè owó gbà-má-bínú lórí iṣẹ́ náà. Òfin yìí kò kan Àpápá, Ìkòyí, Erékùṣù Fìkìtóríà àti adúgbò GRA Ìkẹjà, nítorí náà ohun tó wà nínú àgírímẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fojú sí níbẹ̀.

“Ẹ má ṣe ìyọnu, ẹ kùn ún” láti ẹnu bàbá onílé kì í ṣe ìwé. Bàbá lè rìnrìn àjò, àwọn ọmọ lè gba ilé, ejẹ́ńtì tuntun lè dé. Lẹ́tà ojú ewé kan péré ló gbà, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́: “Bàbá, mo fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ yín láti kun ògiri pálọ̀ tó wà lẹ́yìn àga ní àwọ̀ ewé. Èmi ni yóò san owó rẹ̀. Tí mo bá ń kó jáde, èmi ni yóò tún un kùn ní funfun, àfi tí ẹ bá ní kí n fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi buwọ́ lù ú.” Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ibi tó wà, ẹni tó máa sanwó àti ẹni tó máa dá a padà, ìwọ̀nba ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyẹn. Onílé tó bá rí i pé wọ́n ti ronú nípa ìkójáde kì í sábà kọ̀.

Kí wọ́n tó kó àga wọlé pàápàá, fóònù ti níṣẹ́ láti ṣe: kí wọ́n ya ògiri kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀, àjà àti fèrèsé ní ọ̀sán gangan, ìṣó àti ihò tí ẹni àná fi sílẹ̀ ni kí wọ́n sún mọ́ jù, kí wọ́n sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ejẹ́ńtì lórí Wọ́sáàpù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Pẹ́kámù àti láwọn ibòmíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkọsílẹ̀ irú èyí ló máa ń parí ìjà owó ìdúró. Òfin ibẹ̀ ní kí onílé má gbà ju owó ilé ọ̀sẹ̀ 5 lọ fún owó yìí ní ọ̀pọ̀ ilé, kó sì fi í sí abẹ́ ètò ìdáàbòbò láàárín ọjọ́ 30. Bí ìjà bá sì dé, onílé ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé ayálégbé ló ba nǹkan jẹ́. Kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó ń di owó kọ́ṣọ̀n mú fún ayálégbé l'Ékòó, nítorí náà fọ́tò inú fóònù ni agbẹjọ́rò tó súnmọ́ wọn jù.

Bí ihò bá ti wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kí wọ́n gbẹ́ ohun tó ti ń ṣí kúrò ní etí rẹ̀, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n fi pí-ó-pí dí i ní ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi sí i máa ń sọ̀ nígbà tó bá gbẹ. Tó bá gbẹ tán, kí wọ́n fi páńpẹ́pà dán an. Kíkùn rẹ̀ ló ṣòro. Ọ̀dà tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, kò ní bá èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta lójú oòrùn mu. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ojú ihò nìkan, ilẹ̀ á hàn tó ju ihò lọ. Láti kọ̀rọ̀ kan sí kọ̀rọ̀ kejì ni kí wọ́n kun ògiri náà. Gálọ́ọ̀nù lítà 4 kan sábà máa ń tó fún ògiri ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ méjì kó tó di ọjọ́ ìkójáde ni kí wọ́n ti tú ohun tí wọ́n lẹ̀ àti ohun tí wọ́n dè, kí ọ̀dà lè ráyè gbẹ. Kí wọ́n pe ejẹ́ńtì lọ́sàn-án, kì í ṣe lálẹ́ tí gílóòbù ń jẹ́ kí gbogbo ògiri dà bí èyí tó dọ̀tí, kí wọ́n jọ rìn láti yàrá dé yàrá pẹ̀lú fọ́tò ọjọ́ ìwọlé lọ́wọ́. Òfin 2011 sọ pé kí onílé já rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún owó tó bá gbà lórí ìbàjẹ́ àti àtúnṣe, àti pé ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an. Bí ejẹ́ńtì bá ní òun fẹ́ yọ nínú rẹ̀, rìsíìtì yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀, kí wọ́n sì ní kó kọ ògiri tó bàjẹ́ àti iye owó tó fẹ́ yọ sílẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.